Ta ni kí n fi ṣe olùwà gbólóhùn yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, mò ń bá àbúrò mi tún àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣe lórí ogun Ìmàgbọn ọdún 1892. Ẹ wo ohun tó kọ:

“Ìṣísílẹ̀ ọ̀nà òwò lẹ́yìn ìṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ṣe okùnfà ìtànkálẹ̀ ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì.”

Ọ̀rọ̀-orúkọ tò léra wọn, a ò sì rí ẹni tó ṣe nǹkan kan. Mo tú u sí: “Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, wọ́n ṣí ọ̀nà òwò, ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì sì tàn kálẹ̀.” Ó yéni wàyí, ṣùgbọ́n “sì” ti gbé okùnfà mì. Mo wá fi “èyí ló jẹ́ kí” dípò rẹ̀.

Èyí tó kù ló le: “dídí ọ̀nà mọ́ àwọn oníṣòwò ṣáájú ogun.” Ìwé tó lò kò sọ bóyá Awùjalẹ̀ ló pàṣẹ tàbí àwọn ìjòyè. Bí mo bá kọ “wọ́n dí ọ̀nà”, òǹkàwé á rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ “àwọn Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà”, àbí kí n fi ọ̀rọ̀-orúkọ náà sílẹ̀ níbi tí a ò ti mọ olùṣe?