Lárúbáwá ìwé ni àbí ti ìgboro Káírò?

Ẹ̀yin ògbufọ̀ tó mọ Káírò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ilé búrẹ́dì kan níbẹ̀ ló gbé iṣẹ́ fún mi. Orúkọ tó wà lára pátákó, Lárúbáwá ìwé ni mo fi kọ ọ́, kò sì sí wàhálà. Ìpolówó "búrẹ́dì gbígbóná ti wà nísinsìnyí" ló dá mi dúró. Mo kọ "kubusu" fún búrẹ́dì. Onílé búrẹ́dì ní ó dún bí ìròyìn rédíò, pé "eeṣi" làwọn ń pè é. Mo yí i sí ti ìgboro, ni "dilwaati", ìyẹn nísinsìnyí, bá tún dé: àwọn kan ń fi lẹ́tà kọ́ọ̀fù kọ ọ́ bí ẹnu ò tilẹ̀ pè é, àwọn mìíràn ń fi hámúsà. Èwo ni kí n tẹ̀? Ṣé mo sì lè fi èdè ìgboro kọ gbólóhùn ńlá náà, kí àdírẹ́sì àti iye owó wà ní ti ìwé?