Kókó kéékèèké lápá àti itan mi, ẹ bá mi dá sí i

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Ẹ̀yìn apá mi lókè àti iwájú itan mi kún fún kókó kéékèèké, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á ó ń ha ọwọ́ bíi gààrí Ìjẹ̀bú, kì í dùn mí o, àmọ́ tọ́yẹ́ bá ti dé ó máa ń le sí i. Dókítà awọ ní Ṣágámù ní kẹratósíìsì piláárìsì ni, kì í ràn, kẹ́ratíìnì inú awọ ló ń dí ojú ihò irun, ó sì máa ń wà nínú ìdílé (màmá mi náà ní i). Ó ní kí n má fi kànhìnkànhìn ha á mọ́, torí tó bá ti bínú á fi àpá dúdú sílẹ̀. Krímù yúríà ìdá 10 nínú 100 ló ní kí n máa lò, kí n fomi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, kí n fi tówẹ̀lì tẹ ara díẹ̀, kí n wá pa á kómi tó gbẹ tán, láàárọ̀ àti lálẹ́. Apá ti ń rọ̀, itan ni ò gbọ́.

Ṣé kí n lo ìdá 20 fún itan nìkan, àbí kí n wá èyí tó ní láktíìkì ásíìdì? Mo máa ń fá irun ibẹ̀, wọ́n sì ní ó máa ń ta èèyàn téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a. Òrí ńkọ́, ṣé mo lè fi lé e lórí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má darí mi síbi ìpara abóra Òkè-Àjẹ o.