Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: pósítà ìwádìí mi lórí àwọn ọ̀dọ́ tí kì í dìbò ti kún jù

Àdùkẹ́, Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù tí màá gbé ìwádìí mi lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀. Pósítà ni wọ́n ní kí n fi ṣàlàyé rẹ̀, A0 tó dúró lóòró. Ohun tí mo wádìí ni ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn, láti ẹni ọdún 18 sí 35, kì í fi í bìkítà fún òṣèlú. Oṣù kẹfà ọdún 2025 ni mo pín ìwé ìbéèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tó wà láàárín ìgboro, mo sì jókòó bá àwọn díẹ̀ sọ̀rọ̀. Àtẹ mọ́kànlá ló wà nínú iṣẹ́ náà. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí pósítà pẹ̀lú ìlànà ìwádìí, ó wá rí bí ojú ìwé ìròyìn. Sùpáfáísọ̀ mi wò ó, ó ní òun ò mọ ibi tí ojú òun ì bá kọ́kọ́ bà lé. Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Àpáta
Ọmọ mi, iṣẹ́ rere lò ń ṣe. Fi fọ́tò káàdì ìdìbò sí i gàdàgbà, kí o wá kọ “Ẹ dìde, ẹ lọ dìbò” sókè. Ọmọkùnrin mi ò jáde lọ dìbò ní 2023. Bọ́ọ̀lù ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbá lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí mọ́tò ò rìn. Inú mi ò dùn rárá.

Àdùkẹ́, Bódìjà
Ẹ ṣé, mà. Pósítà ìpolongo kọ́ o. Àwọn olùwádìí ló máa dúró níwájú rẹ̀, èmi náà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa bi mí léèrè.

Fẹ́mi, Agbówó
Ìlànà ìwádìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi ẹ́. Kọ fọ́múlà Yamane tí a fi ń ṣírò iye èèyàn tó yẹ ká bi léèrè síbẹ̀ kó hàn kedere, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé èèyàn rẹ kéré:

```
n = N / (1 + N × 0.05²)
```

Ẹ̀gbọ́n Bísí, Sámóńdà
Fẹ́mi, òótọ́ ni pé wọ́n máa béèrè ìlànà. Àmọ́ ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ni ọ̀dọ́ ìlú, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù méjì, nǹkan bí 400 náà ni fọ́múlà yẹn máa fún ẹ. Iye èèyàn ló ń sọ, kò sọ bí wọ́n ṣe rí wọn. Àdùkẹ́, níbo lo ti pàdé àwọn èèyàn rẹ?

Àdùkẹ́, Bódìjà
Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ àti ibùdókọ̀. Ẹni tí mo bá rí tó gbà láti dáhùn ni. N ò yàn wọ́n látinú ìwé orúkọ kankan.

Ẹ̀gbọ́n Bísí, Sámóńdà
Ohun tó yẹ kó wà lórí pósítà gan-an nìyẹn, gbólóhùn mẹ́rin péré: ìgbà tí o ṣe é, ibi tí o ti ṣe é, iye tó dáhùn, bí o ṣe rí wọn. Àwọn tó bá fẹ́ fọ́múlà á bi ẹ́ lẹ́nu. Má sì kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ọ̀dọ́ Ìbàdàn lò ń sọ̀rọ̀ fún.

Nínú àtẹ mọ́kànlá yẹn, ẹyọ kan ni kó gba àárín. Bó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀pá mẹ́ta tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn ni màá yà: àwọn tó forúkọ sílẹ̀, àwọn tó gba káàdì, àwọn tó dìbò ní 2023. Ká fi èèyàn 100 ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní 80 forúkọ sílẹ̀, 64 gba káàdì, 24 dìbò. Bí o bá sọ pé 24 nínú 100 ló dìbò, o ò parọ́. Bí o bá sọ pé nínú àwọn tó ní káàdì, bíi 38 nínú 100 ló dìbò, o ò parọ́ níbẹ̀ náà. Ibi tó ti ń dojú rú ni kí èèyàn gbé ọ̀kan sókè pósítà, kó gbé èkejì sísàlẹ̀, kó má sọ iye tó ti ṣírò wọn. Gbé ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé orí iye kan náà, kí o kọ iye èèyàn sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn 16 tó forúkọ sílẹ̀ tí wọn ò ní káàdì, wọ́n ti tò lórí ìlà rí. Ó ṣòro láti pè wọ́n ní aláìbìkítà. Ṣáájú ìdìbò 2023, káàdì tó ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ ni kò dé ọwọ́ ẹni tó ni ín káàkiri Nàìjíríà. Ti àwọn 40 tó ní káàdì tí wọn ò jáde yàtọ̀ pátápátá. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yín ní káàdì?

Ìyá Ìbejì, Àpáta
Ó ní in o. Èmi ni mo bá a tọ́jú ẹ̀, inú àpótí mi ló ṣì wà.

Ẹ̀gbọ́n Bísí, Sámóńdà
Ẹ ṣé, mà. Àdùkẹ́, ohun kan tún ń jẹ mí lọ́kàn. O ní ẹni ọdún 18 sí 35, ní oṣù kẹfà 2025. Ìforúkọsílẹ̀ parí ní ọjọ́ 31 oṣù keje 2022, wọ́n sì dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2023. Ẹni tó jẹ́ 18 nígbà tó ń dáhùn ìwé rẹ, ọmọ ọdún 15 tàbí 16 ni lọ́jọ́ ìdìbò. Kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i rárá. Ṣé o ti yọ irú wọn kúrò?

Àdùkẹ́, Bódìjà
Yéè! N ò yọ wọ́n. Inú “kò dìbò” ni gbogbo wọn wà.

Ẹ̀gbọ́n Bísí, Sámóńdà
Lọ yọ wọ́n. Àwọn ẹni 18 àti 19 á kúrò, ọ̀pọ̀ àwọn ẹni 20 náà á kúrò, torí wọn ò tíì pé 18 kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Bí o bá béèrè ọdún ìbí, òun ni kí o fi yà wọ́n. Wọ́n ṣì wúlò fún ìbéèrè bóyá wọ́n fẹ́ dìbò ní 2027, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ wọ inú àtẹ̀gùn yẹn.

Fẹ́mi, Agbówó
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn yé mi. Àwọn tó ní àwọn dìbò ńkọ́? Ta ló rí wọn?

Ẹ̀gbọ́n Bísí, Sámóńdà
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ojú máa ń ti èèyàn láti jẹ́wọ́ fún ẹni tó gbé ìwé dání pé òun jókòó sílé. Nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, nǹkan bí 27 nínú 100 ló jáde ní 2023. Bí tìẹ bá fò ju ìyẹn lọ fíìfíì, má ṣe pa á mọ́. Kọ “àwọn tó sọ pé àwọn dìbò” sára ọ̀pá kẹta.

Kọ́lá Atẹ̀wé, Mọ́kọ́lá
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé iṣẹ́ wá fún mi lórí ojú ìwé PowerPoint kékeré, pé kí n fẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fẹ̀ ẹ́, ọ̀pá tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà á ṣú bàìbàì. Ẹ fi ojú ìwé náà sí 84.1 × 118.9 cm láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ya ọ̀pá yín níbẹ̀ gan-an, kí ẹ sì mú PDF wá. Kí ẹ tó wá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí A4. A4 jẹ́ ìdá mẹ́rin A0 ní gígùn àti ní fífẹ̀, torí náà lẹ́tà 32 á di 8 lórí rẹ̀. Bí ẹ ò bá lè kà á lọ́wọ́ yín, ẹni tó dúró níwájú pósítà náà á máa tiraka ni. Bí ẹ bá máa wọ mọ́tò lọ, fílẹ́ẹ̀sì ni mo máa ń bá wọn tẹ̀, ó ṣeé ká. Ẹ ní kó má dán, kí iná gbọ̀ngàn má bàa máa kọ mọ̀nà lójú àwọn tó ń kà á.

Àdùkẹ́, Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o. Alẹ́ àná ni mo yọ àwọn ọmọdé yẹn. Ọ̀pá kìíní ti gùn sókè, àlàfo tó tóbi jù kò sì sí níbi ìforúkọsílẹ̀ mọ́, ó ti bọ́ sáàárín káàdì àti ìdìbò. Àtẹ mẹ́wàá ti kúrò. Àyẹ̀wò káì-síkuẹ̀ tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀, mo ní láti tún un ṣe, torí iye èèyàn ti yí padà. Ohun tó kù ni àkọlé. “Àìbìkítà” ni mo kọ ránṣẹ́ tí wọ́n fi gbà mí, ọ̀rọ̀ náà ò sì bá àwọn tí kò rí káàdì gbà mu mọ́.

Fẹ́mi, Agbówó
Má yí i. Òun ló wà nínú ìwé ètò wọn, àkọlé yẹn ni wọ́n máa fi wá ẹ kiri.

Ẹ̀gbọ́n Bísí, Sámóńdà
Èmi á kọ̀wé sí wọn pé mo fẹ́ yí i. Bí wọn ò bá gbà, fi àkọlé náà sílẹ̀ ní lẹ́tà tó kéré díẹ̀, kí o wá kọ àbájáde rẹ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀.

Àdùkẹ́, Bódìjà
Màá kọ̀wé náà lónìí. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ retí PDF mi lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.