Èsì àyẹ̀wò kíndìnrín màmá mi: ṣé ká gbà á gbọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kíndìnrín. Òṣogbo la wà. Ọmọ ọdún 78 ni màmá mi, wọn ò sì ju kílò 41 lọ. Ẹ̀gbà ọwọ́ wọn ti ń yọ bọ́ fúnra rẹ̀. Kíréátínì wọn, ìyẹn ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 0.8 mg/dL, eGFR wọn, ìyẹn ìdíwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó, sì jẹ́ 75. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 29 tó máa ń gbé irin, ní 1.4, eGFR tiẹ̀ sì jẹ́ 70!

Ohun tó yé mi ni pé ìṣirò lásán ni eGFR. Kíréátínì inú ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ orí, àti bóyá èèyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ni ìlànà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní CKD-EPI 2021 ń lò. Inú iṣan ara ni kíréátínì sì ti ń wá. Ìṣirò yẹn ò rí i pé ẹran ara màmá mi ti gbẹ ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé 75 yẹn ń pọ́n kíndìnrín wọn lé, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ fi díwọ̀n oògùn.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò sísítátíìnì C nítòsí wa, tí iṣan ò fi bẹ́ẹ̀ nípa lé lórí? Ẹni tó bá ti ṣe é fún àgbàlagbà tó rù, báwo ni èsì méjèèjì ṣe jìnnà síra tó?