Ádápútà tó ń gba wáyà iná gbé íńtánẹ́ẹ̀tì ò ṣe dáadáa ní yàrá ẹ̀yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa wáyà iná. Wáí-fáì ò dé yàrá ẹ̀yìn ilé wa, ni mo bá ra ádápútà méjì tó ń gba inú wáyà iná gbé íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá. Tí mo bá ki méjèèjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀, mo ń rí bíi 90 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní yàrá ẹ̀yìn, kì í ju 12 lọ, tí ẹnikẹ́ni bá sì ki ṣájà fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á tún já wálẹ̀. Ara ògiri gan-an ni mo kì wọ́n sí o, kì í ṣe ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n.

Wáyà ilé yìí ti gbó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá ẹ̀yìn ò ní ẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ àwọn ádápútà tuntun máa ń fi wáyà ẹ́ẹ̀tì ṣe ọ̀nà kejì. Àpótí fíúsì tirẹ̀ náà sì yàtọ̀ sí ti pálọ̀.

Èwo ló ṣeé ṣe kó máa fa wàhálà jù, àìsí ẹ́ẹ̀tì ni àbí àpótí fíúsì tó yàtọ̀? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá orí fẹ́ẹ̀sì kan náà ni sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ àti ti yàrá ẹ̀yìn wà láìtú nǹkan kan? Ṣé kí n ní kí oníná fa ẹ́ẹ̀tì débẹ̀, àbí kí n kúkú fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba òkè sílíìnì?