Báwo ni mo ṣe lè túmọ̀ àkọlé oògùn láti èdè Páṣíà sí Gẹ̀ẹ́sì láìṣi ìwọ̀n rẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tó gbọ́ èdè Páṣíà, ẹ bá mi yẹ èyí wò. Ní Tẹ̀ránì ni wọ́n ti fún ọmọ wa ní oògùn olómi, apoògùn wa ní Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ́ ìtumọ̀ ohun tó wà lára ìgò náà: «هر ۸ ساعت ۲/۵ سی‌سی». Wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ ni mo kà, nítorí pé ۸ ni mẹ́jọ, ۷ tó jọ ọ́ ni méje. Ìlà tó dá àárín ۲ àti ۵ ló ń bà mí lẹ́rù: ojú ààmì ìdá mẹ́wàá ni àwọn ará Ìránì ń lò ó fún, nítorí náà 2.5 ml ni mo kọ, torí ẹni tó bá kà á sí 25 yóò fún ọmọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mo tún fẹ́ fi àwòrán àkọlé náà ránṣẹ́ sí apoògùn, n kò sì ní fún ọmọ lóògùn kí ó tó fọwọ́ sí i.