Olùkọ́ méjì ò kí ara wọn mọ́ nílé ìwé mi, kí ni kí n ṣe?

Dìrẹ́tọ̀ Kétu: Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ kíláàsì karùn-ún àti ti kẹfà ti sú mi. Obìnrin tó ń kọ́ kẹfà ní àwọn ọmọ tí ọkùnrin yẹn kọ́ lọ́dún tó kọjá ò mọ ìpín, bẹ́ẹ̀ sẹ̀tífíkà ń bọ̀. Ojú àwọn ọmọ ló ti sọ ọ́! Ọkùnrin náà fèsì pé ọ̀lẹ ni ín. Ní báyìí, bí ọ̀kan bá wọ yàrá olùkọ́, èkejì á jáde. Obìnrin náà kì í tètè dé, zémìjan ló máa ń dá lẹ́bi. Ẹfun ìkọ̀wé pàápàá, wọn ò pín in mọ́.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Ẹ pè wọ́n síwájú gbogbo olùkọ́, kí wọ́n tọrọ àforíjì. Ó parí.

Olùkọ́ Àgbà, Ṣábẹ: Rárá o, ìyá. Ẹni tí a bá dójú tì ní gbangba kì í gbà. Dìrẹ́tọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu oníkálukú lọ́tọ̀, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Èébú yàtọ̀ sí ẹ̀sùn. Ẹ̀sùn ìpín ṣeé yẹ̀ wò: ẹ ní kí àwọn ọmọ pín 816 sí ọ̀nà 4. Ẹni tó kọ 24 dípò 204 mọ ìpín, òdo àárín ló fò. Èyí tí kò mọ iye 4 tó wà nínú 16, ìsodipúpọ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kíláàsì ìsàlẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ Òkè: Àwọn zémìjan yìí! Èmi náà pẹ́ dé ọjà lánàá.

Dìrẹ́tọ̀ Kétu: Mo ti fún obìnrin náà ní ìwé pé kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó dáhùn, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ le.

Olùkọ́ Àgbà, Ṣábẹ: Ọkùnrin náà ńkọ́?

Dìrẹ́tọ̀ Kétu: Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìjà. Àbúrò ìyàwó mi sì ni, ṣé kí n tún dá ìjà sílẹ̀ nílé?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Háà! Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn, ẹ sì ń sọ̀rọ̀ ẹfun.

Olùkọ́ Àgbà, Ṣábẹ: Ìwé ìbéèrè àlàyé lè wọ fáìlì èèyàn. Bí ẹ bá fún ẹnì kan, tí ẹ sì fi àna yín sílẹ̀, obìnrin yẹn á kọ̀wé sí ọ̀gá ẹkùn. Ẹ fún ọkùnrin náà ní tirẹ̀ nítorí èébú. Ẹ jẹ́ kí agbaninímọ̀ràn ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ yẹ ìṣirò náà wò, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Ẹ fi àjèjì sílẹ̀. Kí ìyàwó yín bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ Àgbà, Ṣábẹ: Ìyàwó kì í ṣe olùkọ́ ibẹ̀, ìyá!

Dìrẹ́tọ̀ Kétu: Mo fún àwọn ọmọ ní 816 yẹn láàárọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ kọ 24. Ṣùgbọ́n ìwé fún àna mi... mi ò tíì mọ̀.

Olùkọ́ Àgbà, Ṣábẹ: Ẹ fi kàyé àwọn ọmọ náà pamọ́ síbi tí àna yín ò ti ní rí i kí agbaninímọ̀ràn tó dé.